Ta Ló Bi Ọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlà Ewì Tí A Dorí Rẹ̀ Kodò Nítorí Ìró

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo rí àwọn àgbà níjòókòó, mo júbà kí n tó yanu. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pè mí wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ewì kíkọ. Mo ní odò yẹn fẹ̀ jù fún ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí n bu ìwọ̀nba tí mo lè gbé. Ohun tí mo bù wá rèé: kí ló máa ń bá gbólóhùn nígbà tí akéwì bá ti fi dandan lé e pé ìparí ìlà méjì gbọ́dọ̀ dún bákan náà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ráìmù? Nígbà mìíràn, akéwì á dorí gbólóhùn kodò kí ọ̀rọ̀ tó ń wá lè bọ́ sí ìparí. Nígbà mìíràn, á wá ọ̀rọ̀ kan tí kò níṣẹ́, á fi dí ihò tó ṣẹ́kù. Àfidíhò ni mò ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ara mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo kéré nígbà yẹn, mo sì gbà pé mo mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, wọ́n ní kí n ké ewì níbi ayẹyẹ náà. Mo dìde, mo ní:

Ó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, ní tòótọ́,
Ọ̀gá rẹ̀ ti fi àdúrà lé e lọ́wọ́.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo jókòó, bàbá àgbà kan tó ń lu gángan níbẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó rọra bi mí pé: “Ọmọ mi, ta ló jiyàn?” Mi ò lóye. Bàbá ní: “O ní ó kọ́ iṣẹ́, ní tòótọ́. Ta ló sọ pé kò kọ́ ọ?” Ojú tì mí. Mo wo ọ̀gá tó kọ́ ọmọ yẹn níṣẹ́, mo wo ìyá rẹ̀, mo sì rí i pé lójú gbogbo èèyàn ni mo ti dá àríyànjiyàn tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé mò ń wá ọ̀rọ̀ tó parí sí “ọ́”. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo ń gbé kiri títí di òní, òun náà ni màá fi yẹ àwọn ìlà wò lálẹ́ yìí.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ìró fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó parí sí kọ́ńsónáǹtì. “N” tí a ń rí ní ìparí “títán” tàbí “pípọ́n” kàn ń sọ fún wa pé fáwẹ̀lì náà gba imú jáde ni. Fáwẹ̀lì ló ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ wa, fáwẹ̀lì àìránmúpè kò sì ju 7 lọ: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Àwọn aránmúpè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀. Ó wá túmọ̀ sí pé bí èèyàn bá gbójú fo ohùn, afẹ́fẹ́ lásán lè bá a kọ ewì tí ìparí rẹ̀ ń bára dún. Ohun tó pọ̀ tó báyìí kì í ya etí lẹ́nu. Mo rò pé ìdí kan rèé tí ìjálá àti ẹ̀sà egúngún ò fi gbé ara lé ìró ìparí ìlà. Àwítúnwí ni wọ́n gbé ara lé, àti gbólóhùn tó jọra tí ọ̀rọ̀ kan yí padà nínú rẹ̀, àti ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀.

Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ò gbójú fo ohùn. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sí ìparí ìlà mẹ́ta. Lójú ìwé tí kò lámì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ kà á sókè: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ Ìbàdàn. Kò sí èyí tó bá èkejì dún. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìparí ìlà bára mu lóòótọ́ gbọ́dọ̀ mú fáwẹ̀lì pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ibẹ̀ ni ọjà ti ń há. Ibẹ̀ náà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú gbólóhùn.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín yín tó fi ewì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n tó wá. Ó gbà kí n kà á, ó ní kí n má dárúkọ òun. Ìyá rẹ̀ àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ní ìlú yìí ló kọ ọ́ fún. Ẹlẹ́kọ ni màmá náà. Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ rèé:

Ìyá mi àgbà ń ṣe ẹ̀kọ lójoojúmọ́,
Ògì ó rò nínú ìkòkò, kò sinmi mọ́,
Ewé eéran ni ó fi ń wé e ní ọwọ́,
Gbogbo ará Ẹnuwá ló ń rà á, mo gbọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìró rẹ̀ pé: mọ́, mọ́, ọwọ́, gbọ́, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn òkè kan náà. Ọmọ tó ní etí ló kọ ọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló sọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí ìlà kejì, nítorí ibẹ̀ ni ó ti dorí gbólóhùn kodò. Bí màmá bá ń sọ ọ́ fún aládùúgbò, á ní “mo ro ògì”. Ọmọ wa gbé ògì síwájú, ó ní “ògì ó rò”. Yorùbá gbà kí a gbé ohun tí a ṣe nǹkan sí lọ síwájú, ṣùgbọ́n ó ní owó ibodè tí a ń san. Owó ibodè náà ni “ni”. “Ògì ni ó rò.” Gbólóhùn alátẹnumọ́ ni àwọn olùkọ́ ń pè é. Bí ohun tí a gbé síwájú bá jẹ́ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, “ti” á tún wọlé: “Ọjà ni mo ti rí i.” Bí ó bá jẹ́ ohun èlò tàbí ọ̀nà tí a gbà, “fi” á wọlé: “Ọ̀bẹ ni mo fi gé e.” Ẹ fetí sí àwọn òwe wa: “Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.” Gbólóhùn tí a dorí rẹ̀ kodò nìyẹn, kò sì gún ẹnikẹ́ni létí, nítorí wọ́n ti san owó ibodè rẹ̀ pé.

Ọmọ wa kò san án. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ẹ mọ̀ pé a máa ń fi “ó” sẹ́yìn ẹni tó ṣe nǹkan: “Adé ó lọ”, ìyẹn ni pé Adé lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ “ògì ó rò” á gbà pé ògì gan-an ló ṣe é. Nǹkan mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tó burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní ohùn ìsàlẹ̀, bíi rà, tà, kà àti rò, máa ń gòkè sí ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: ra iṣu, ta ẹ̀kọ, ka ìwé, ro ògì. Bí o bá ti yọ ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, yóò padà wálẹ̀: iṣu ni mo rà, ìwé ni mo kà. Nítorí náà, “ro” tó jẹ́ ti omorogùn ti di “rò”, èyí tó bá ti ọkàn dọ́gba. Ìyá àgbà kò sí nínú ìlà náà mọ́. Ògì kan ló wà nínú ìkòkò tó ń ronú.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ohùn yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ló ń tan àwọn tó gbọ́n nínú yín jẹ. Ẹ máa ń wá ìparí tó ní ohùn ìsàlẹ̀, ẹ ò rí i, ẹ wá ṣàkíyèsí pé bí ẹ bá gbé iṣu síwájú, “rà” á bọ́ sí ìparí pẹ̀lú ohùn tí ẹ ń wá. Ó rọrùn. Mo ti rí ewì tí ìlà mẹ́jọ nínú rẹ̀ parí sí rà, tà, kà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìlà kẹta, etí ti mọ ọgbọ́n náà, kò sì tún gbọ́ ohun tí ewì ń sọ mọ́.

Ká ní ó tiẹ̀ san owó ibodè, ó ní “ògì ni ó rò nínú ìkòkò”. Gbólóhùn ti dára. Ibí yìí ni ìbéèrè bàbá onígángan ti wúlò. “Ògì ni ó rò” ń dáhùn ìbéèrè kan: “Kí ló rò?” Ó tún ń sọ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ta ló bi ọ́? A ti gbọ́ ní ìlà àkọ́kọ́ pé ẹ̀kọ ló ń ṣe. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀kọ, kí ni ì bá tún rò, èlùbọ́? Bí “ni” bá ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi, irọ́ ló ń pa, bí gírámà rẹ̀ tiẹ̀ tọ́.

Ẹ wá wo ìlà kẹta. “Ewé eéran ni ó fi ń wé e.” Òun náà ni a dorí rẹ̀ kodò. Mo fẹ́ tún un ṣe, mo wá pe ọmọ náà lórí fóònù, mo ní kí ló dé tó fi gbé ewé síwájú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àwọn ẹlẹ́kọ yòókù ti ń lo ọ̀rá. Màmá nìkan ló kù tó ń lo ewé.” Háà! Ìbéèrè ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Kí ló fi ń wé e? Ewé ni, kì í ṣe ọ̀rá. Èyí dúró gbọin, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ìdá kan nínú ìdáhùn rẹ̀, ọ̀rá yẹn, kò sí nínú ewì. “Ní ọwọ́” ló jókòó sí àyè rẹ̀. Ta ló ń fi ẹsẹ̀ wé ẹ̀kọ?

A ti bọ́ sórí àfidíhò nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì ka ìlà náà fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Bí kò bá béèrè nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà kò níṣẹ́. “Ní ọwọ́” nìyẹn: kò ṣe rere, kò ṣe búburú, ó kàn gbàyè. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tí ó lẹ́nu bí abẹ. “Kò sinmi mọ́” ń sọ pé màmá ti máa ń sinmi tẹ́lẹ̀, nǹkan kan ló wá ṣẹlẹ̀ tí kò fi sinmi mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé bàbá kú ni? Ṣé gbèsè ni? Ewì náà ò sọ, nítorí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. “Mọ́” ni akéwì ń wá. “Mo gbọ́” ló dùn mí jù. Ọmọ tó dàgbà lẹ́sẹ̀ ìkòkò yẹn, tí èéfín ibẹ̀ ń ta lójú, ló wá dúró síwájú wa tó ní òun gbọ́ pé àwọn èèyàn ń ra ẹ̀kọ ìyá òun. Ó sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń gbé àhesọ.

Ẹ̀yin náà ní tiyín. Mo máa ń rí “rárá”, “láé”, “pátápátá”, “ní tèmi”, “gan-an”. Mi ò sọ pé ẹ má lò wọ́n. Mo ní kí ẹ bi ara yín bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò ṣì wà níbẹ̀ ká ní ìlà tó ṣáájú rẹ̀ parí sí ìró mìíràn.

Ó ku bí a ṣe ń tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń di ọ̀rọ̀ ìparí mú, wọ́n á sì máa yí ara ìlà po. Èmi kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí ìró ìparí lọ ná. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí èèyàn ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, mo sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ọmọ yìí ṣe é. Ohun tó sọ rèé: “Ìyá mi àgbà ń ṣe ẹ̀kọ lójoojúmọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti ro ògì tán. Ewé eéran ló fi ń wé e, kò lo ọ̀rá. Tí a bá dé Ẹnuwá, àwọn èèyàn ti ń dúró dè wá.”

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán yìí. “Lójoojúmọ́” wà níbẹ̀. “Kí ilẹ̀ tó mọ́” wà níbẹ̀, “mọ́” tó ń wá káàkiri ti wà lẹ́nu ara rẹ̀, èyí tó níṣẹ́, èyí tó ń sọ àkókò. “Ọ̀rá” wà níbẹ̀, “Ẹnuwá” náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì parí sí “á” olóhùn òkè. Ẹnuwá ti wà ní àárín ìlà kẹrin rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ààfin, ẹnikẹ́ni ò pè é. Ohun tó kù ni pé kí a gbé gbólóhùn sí ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí á ti bọ́ sí ìparí fúnra wọn:

Ìyá mi àgbà ń ṣe ẹ̀kọ lójoojúmọ́,
Ó ti ro ògì tán kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ewé eéran ló fi ń wé e, kò fọwọ́ kan ọ̀rá,
Èmi ni mo ń gbé igbá rẹ̀ lọ sí Ẹnuwá.

Ìró mẹ́rin ti di méjì méjì. A pàdánù nǹkan kan níbẹ̀, n kò sẹ́. Èyí tí gbogbo ìlà mẹ́rin fi ń dún bákan náà ní adùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú èyí ló níṣẹ́. “Ògì” ti padà sẹ́yìn “ro”, ohùn rẹ̀ sì ti bọ̀ sípò. Gbólóhùn alátẹnumọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìbéèrè tó ń dáhùn.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, ọmọbìnrin kan tó ń kọrin nawọ́. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sọ ti ìwé. Bí mo bá yọ àfidíhò nínú orin, ìlù á ṣáájú mi.” Òótọ́ ló sọ. Ìlà tí a yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ á kúrú, onílù ò sì ní dúró. Mo ní kó wo ohun tí èdè wa fi tọ́ wa: a lè fún ọ̀rọ̀ pọ̀, a lè nà án. “Gbé igbá” lè di “gbégbá”, “ṣe ẹ̀kọ” lè di “ṣẹ̀kọ”, ìró kan ti dín. “Ló” lè padà di “ni ó”, “nílé” lè padà di “ní ilé”, ìró kan ti lé. Ìlà náà gùn tàbí ó kúrú, ẹnikẹ́ni ò sì purọ́. Kó gbìyànjú ìyẹn kó tó ké sí “pátápátá”.

Ó tún bèèrè “o” àti “ẹ̀ẹ̀” inú orin. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. “O” tó wà nínú “ẹ kú iṣẹ́ o” kì í ṣe àfidíhò. Bí o bá yọ ọ́, ìkíni náà á tutù. Èyí tí ègbè ń fà kí èémí lè balẹ̀ náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sọ nǹkan kan. Bákan náà ni “rokoso”, “gbirigbiri” àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n lè jọ ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ óò rí i pé àwòrán ti bá a lọ.

A ti ń múra àtidìde nígbà tí ọmọkùnrin tó ni ewì nawọ́. Ó ti gbàgbé pé òun ní kí n má jẹ́ kí wọ́n mọ òun. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àmọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, èmi kọ́ ni mo ń gbé igbá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Èmi ń gbé àpótí ìjókòó tẹ̀lé wọn.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti fi gbogbo alẹ́ sọ pé “ni” gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè, n kò bi í léèrè kí n tó kọ “èmi ni mo”. Mo ní kó jáde wá tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó gba gègé lọ́wọ́ mi, ó fagi lé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ó kà á sókè:

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé igbá rẹ̀ lọ sí Ẹnuwá.